Kókó, Ìlà Méjì àti Òfò Kéékèèké

Ní oṣù Kejì ọdún 2024, iye kókó ní ọjà New York ga ju ibi tó ti ga dé rí lọ. Láti ọdún 1977 ni òkè àtijọ́ ọ̀hún ti wà níbẹ̀, ó lé díẹ̀ ní dọ́là 5,300 lórí tọ́ọ̀nù kan. Kò pé oṣù méjì lẹ́yìn náà tí kókó fi kọjá dọ́là 10,000. Nígbà tí oṣù Kẹrin fi máa dá sí méjì, ó ti lé ní 11,000. Òjò tó pọ̀ jù, àrùn tó ń sọ kókó di dúdú lórí igi, àti èyí tó ń mú kí ẹ̀ka igi kókó wú, ló ti ba ìkórè jẹ́ ní Àìfọ́rì Kóòsì àti Gánà, bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì yìí ló ń kó èyí tó ju ìdajì kókó ayé jáde. Àwọn tó ń ra kókó lóko Oǹdó àti Ọ̀ṣun kò lè di iye kan mú láti àárọ̀ di alẹ́.

Ní gbogbo àsìkò yẹn, àwọn oníṣòwò kan wà ní Chicago àti London tí wọ́n ti ra kókó sílẹ̀ láti ìgbà tí tọ́ọ̀nù kan ṣì wà ní nǹkan bíi dọ́là 3,000. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kò fojú kan igi kókó rí. Wọn kò fi ìròyìn òjò ṣe é, wọn kò sì béèrè bí ìkórè ṣe rí. Ohun tí wọ́n rí kò ju pé iye kókó ti kọjá ìlà kan lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá wá ṣí ìwé òwò wọn sẹ́yìn, yóò rí i pé kí èrè ńlá yẹn tó dé, irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ a ti pàdánù lórí kókó kan náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta. Ó yẹ kí a mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é, pàápàá ní àsìkò yìí tí àwọn ọ̀dọ́ wa ń fi fóònù ra owó ilẹ̀ òkèèrè lójoojúmọ́, tí ẹni tó ń kọ́ wọn sì ń ṣèlérí fún wọn pé òfò kò ní sí.

Orúkọ ẹni tó la ọ̀nà yìí ni Richard Donchian. Wọ́n bí i ní ọdún 1905 ní Hartford, ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ará Àmẹ́níà. Ní ọdún 1949 ó dá àpò owó kan sílẹ̀ tó ń gba owó ará ìlú láti fi ṣòwò nínú ọjà àdéhùn, ìyẹn ọjà tí ènìyàn ti ń rà tàbí tà lónìí ohun tí wọn yóò fi lé ni lọ́wọ́ ní oṣù tó ń bọ̀. Òfin rẹ̀ tó gbajúmọ̀ jù lọ rọrùn débi pé ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ lè tẹ̀lé e: bí iye ọjà bá ga ju ibi tó ga jù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, rà, bó bá lọ sílẹ̀ ju ibi tó lọ sílẹ̀ jù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin náà, tà.

Ibẹ̀ ni ìlà méjì ti wá. Lálaalẹ́, nígbà tí ọjà bá ti tán, a ó wo ogún (20) ọjọ́ ọjà tó kọjá sẹ́yìn. Iye tó ga jù lọ tí ẹnikẹ́ni san láàárín wọn ni ìlà òkè, èyí tó rẹlẹ̀ jù lọ ni ìlà ìsàlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ọjọ́ kan á wọlé, ọjọ́ kan á jáde nínú ogún náà, àwọn ìlà á sì tún ibi tí wọ́n wà tò. Àárín ìlà méjèèjì yìí ni àwọn oníṣòwò ń pè ní ọ̀nà Donchian. Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe é máa ń ṣì: a kì í ka ọjọ́ òní mọ́ ọn. Bí a bá ka òní mọ́ ọn, ìlà òkè á máa bá iye ọjà gòkè ni, iye náà kò sì ní kọjá rẹ̀ láéláé.

Ìlà wọ̀nyí kì í sọ ohun tó ń bọ̀. Wọ́n kàn ń sọ pé lónìí, ẹnì kan ti gbà láti san ohun tí ẹnikẹ́ni kò san láti oṣù kan sẹ́yìn. Ó lè jẹ́ pé ìròyìn ńlá kan ti ń jò díẹ̀díẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé oníbàárà kan ń kánjú ni. Lọ́jọ́ tí iye kọjá ìlà, kò sí ohun tó ya méjèèjì sọ́tọ̀. Gbogbo ọ̀rọ̀ òfò kéékèèké tí mo fẹ́ sọ, orí èyí ló dúró lé.

Ní ọdún 1983, Richard Dennis, oníṣòwò tó ti di ọlọ́rọ̀ ní Chicago, bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ William Eckhardt jiyàn. Dennis ní a lè kọ́ ẹnikẹ́ni ní òwò yìí; Eckhardt ní àbímọ́ ni. Wọ́n kéde nínú ìwé ìròyìn, wọ́n ṣa àwọn ènìyàn jọ, wọ́n kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì gbé owó lé wọn lọ́wọ́. Àwọn Ìjàpá ni Dennis pè wọ́n, nítorí oko ìjàpá odò kan tó ti rí ní Singapore. Òfin tí wọ́n kọ́ wọn ni ti Donchian, tí wọ́n sọ di méjì. Nínú èyí tó yára, ènìyàn ń wọlé bí iye bá kọjá ìlà ogún ọjọ́, ó sì ń jáde bó bá padà kọjá ìlà ọjọ́ mẹ́wàá ní òdì kejì. Nínú èyí tó lọ́ra, ọjọ́ márùn-dín-lọ́gọ́ta (55) ni ìlà ìwọlé, ogún ọjọ́ sì ni ìlà ìjáde. Èyí tó lọ́ra ni n ó lò níbí, nítorí òun ni kókó ọdún 2023 àti 2024 bá mu jù.

Ṣùgbọ́n ìlà nìkan kọ́ ni Dennis àti Eckhardt fi lé wọn lọ́wọ́. Ìbéèrè tó ṣòro jù ni pé mélòó ni kí n rà? Ẹni tó bá ń ra àdéhùn márùn-ún nígbà gbogbo, láìwo bí ọjà ṣe ń mì, ń ṣe òwò méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ láìmọ̀. Nígbà tí kókó ń rìn dọ́là 50 lóòjọ́, àdéhùn márùn-ún kò ju nǹkan kékeré lọ. Nígbà tó bá ń rìn dọ́là 500 lóòjọ́, àdéhùn márùn-ún kan náà lè ba ilé ènìyàn jẹ́ kó tó jẹun ọ̀sán.

Nítorí náà, wọ́n kọ́kọ́ máa ń wọn bí ọjà ṣe ń mì. Lójoojúmọ́, a ó wo àlàfo tó wà láàárín iye tó ga jù lọ àti èyí tó rẹlẹ̀ jù lọ. Bí ọjà bá fò lóru, tó ṣí jìnnà sí ibi tó parí sí lánàá, a ó ka fífò yẹn mọ́ ọn, nítorí pé owó ẹni tó di ọjà mú sùn bá a fò náà ni. Ìwọ̀n ọjọ́ kan nìyẹn, a ń pè é ní TR. Lẹ́yìn náà, a ó pa á pọ̀ mọ́ ti àtẹ̀yìnwá kó lè fara balẹ̀, èyí tó jáde ni àwọn Ìjàpá ń pè ní N:

```
N = (19 × N_àná + TR) / 20
iye àdéhùn = (owó × 0.005) / (N × 10)
```

Mẹ́wàá tó wà ní ìlà kejì wá láti ara kókó: àdéhùn kan ní New York jẹ́ tọ́ọ̀nù mẹ́wàá, nítorí náà bí iye bá fi dọ́là kan gbéra, dọ́là mẹ́wàá ni ó ń kan oníṣòwò. Ní ti 0.005, ohun tó ń sọ ni pé bí ọjà bá mì ní ìwọ̀n ọjọ́ kan lọ sí ibi tí a kò fẹ́, ìdajì dọ́là kan nínú ọgọ́rùn-ún ni ó gbọ́dọ̀ gbà lọ́wọ́ wa. Àwọn Ìjàpá lo ìlọ́po méjì rẹ̀. Èmi gbà pé ìdajì náà sàn fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, n ó sì sọ ìdí rẹ̀. Ohun tó kù ni ibi àbáyọ: ní ọjọ́ tí a bá rà, a ó ti yan iye tó jẹ́ N méjì sí ìsàlẹ̀ ibi tí a ti rà á. Bí ọjà bá dé ibẹ̀, a ó tà láìbá ẹnikẹ́ni jíròrò. Òfò náà kò ní ju bíi ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó wa lọ.

Ẹ jẹ́ kí a wá fi owó ṣe é. Àpẹẹrẹ lásán ni, kì í ṣe ìwé òwò ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n mo fi iye tó sún mọ́ bí ọjà ṣe rìn gan-an sí i. Mo sì fi ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ àdéhùn oṣù kan sí ti oṣù mìíràn sílẹ̀, kí ọ̀rọ̀ má bàa dí.

Obìnrin kan ní dọ́là 500,000. Ní 2022, kókó ń lọ, ó ń bọ̀ láàárín nǹkan bíi 2,200 sí 2,800. Iye kọjá ìlà òkè ní 2,650, N jẹ́ 50. Ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ jẹ́ 2,500. N kan lórí àdéhùn kan jẹ́ 500. Ó ra márùn-ún. Ọjà padà lẹ́yìn, ó ba ibi àbáyọ ní 2,550, dọ́là 5,000 lọ. Láìpẹ́, iye kọjá ìlà ìsàlẹ̀ ní 2,300. Nínú ọjà yìí ènìyàn lè kọ́kọ́ tà kó tó rà padà, nítorí náà ó ta mẹ́rin, iye tún yí padà gòkè, ó jáde ní 2,380, dọ́là 3,200 lọ. Ó tún ra mẹ́rin ní 2,580, ó tún jáde ní 2,480, 4,000 lọ. Òwò mẹ́ta, òfò mẹ́ta. Ohun tó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 487,800. Gbogbo ohun tó sọnù kò pé ìdá méjì àbọ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ṣùgbọ́n ẹni tó bá bá a jókòó ní àsìkò náà yóò sọ fún un pé kó jìnnà sí kókó.

Ìgbà kẹrin, iye kọjá ìlà ní 3,000, N jẹ́ 60. Ó ra mẹ́rin, ibi àbáyọ wà ní 2,880. Lọ́tẹ̀ yìí ọjà kò padà. Kò sí ohunkóhun tó ń ṣe ju pé kó máa gbé ìlà ogún ọjọ́ lọ sókè bí ọjà ṣe ń gòkè. Nígbà tí iye padà sí ìlà náà ní 4,100, ó jáde pẹ̀lú èrè 44,000. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, ó tún wọlé ní 4,400. N ti di 110, nítorí náà méjì péré ni ìṣirò gbà á láyè láti rà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó rẹ̀ ti pọ̀ sí i. Ọjà gòkè títí ó fi kọjá 11,000. Ó jáde ní 9,000, nígbà tí ìlà ìsàlẹ̀ já. Èrè rẹ̀ jẹ́ 92,000, ìyẹn ìlọ́po ogún àti díẹ̀ ti 4,400 tó fi wewu ní ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ kíyè sí ìjáde yẹn. Ká ní iye ti dé 11,500 kó tó padà, ó ti wo dọ́là 50,000 tó ń lọ lójú rẹ̀ kó tó tà. Kò sí òwò kan nínú èyí tí ènìyàn ń tà ní góńgó òkè. Mo ti rí i pé èyí ń dun àwọn ènìyàn ju òfò kéékèèké lọ, nítorí òfò kékeré ń parí ní kíá, ṣùgbọ́n èrè tó ń jò ń gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Síbẹ̀ ẹni tó bá fẹ́ wà níbẹ̀ láti 4,400 dé 9,000 gbọ́dọ̀ fún ọjà láyè láti mì. Bó bá fún un mọ́ra ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìmì kékeré kan ní 5,500 ìbá ti lé e jáde.

Kí ló dé tí a kò fi wá ọ̀nà láti yẹra fún òfò mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn? Àwọn ènìyàn ti gbìyànjú rẹ̀ gan-an. Àwọn Ìjàpá fúnra wọn ní òfin kan nínú èyí tó yára: bí ìwọlé tó kọjá bá mú èrè wá, kí wọ́n fo èyí tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé èyí tí wọ́n fò lè jẹ́ èyí tó máa lọ jìnnà jù, nítorí náà wọ́n fi òfin mìíràn tì í lẹ́yìn: bí iye bá dé ìlà ọjọ́ márùn-dín-lọ́gọ́ta, ẹni tó fò ó gbọ́dọ̀ wọlé dandan. Ó hàn nínú òfin kejì yìí ohun tí ẹ̀rù rẹ̀ ń bà wọ́n.

Ìṣirò kékeré kan yóò fi ìdí rẹ̀ hàn. Ká ní òwò ọgọ́rùn-ún ni a ṣe. Márùn-dín-láàádọ́rin (65) nínú wọn jẹ́ òfò, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ẹyọ kan. Ẹyọ kan ni mo pe ohun tí a fi wewu nínú òwò kan. Márùn-dín-lógójì (35) mú èrè wá. Nínú ìwọ̀nyí, márùn-ún ló mú ẹyọ mẹ́wàá-mẹ́wàá wá, àádọ́ta (50) nìyẹn. Ọgbọ̀n (30) yòókù pín ẹyọ 55 láàárín ara wọn. Àròpọ̀ èrè jẹ́ 105, òfò jẹ́ 65, ohun tó kù jẹ́ 40. Bí ẹnikẹ́ni bá fi ọgbọ́n tirẹ̀ fo òwò méjì péré, tí méjèèjì sì bọ́ sí àárín márùn-ún ńlá yẹn, ìdajì èrè rẹ̀ ti lọ. Bí ẹlòmíràn bá sì ní, èmi kò fẹ́ kí èrè máa jò, n ó máa jáde bí èrè bá ti pé ẹyọ méjì, àwọn márùn-ún ńlá di mẹ́wàá lápapọ̀, ọgbọ̀n yòókù kò lè ju 55 lọ, àròpọ̀ rẹ̀ kò ju 65. Ó bá òfò dọ́gba. Òtítọ́ ni pé òfò díẹ̀ lè di èrè nípa jíjáde kíákíá, iye ìgbà tó ń jàre á sì pọ̀ sí i, inú rẹ̀ á dùn, ṣùgbọ́n òwò rẹ̀ kò ní ibi tó ń lọ mọ́.

Òfò kan ní ààlà: N méjì. Èrè kò ní ààlà, nítorí kókó tó wà ní 3,000 lè di 11,000, òjò àti àrùn ló mọ ibi tí yóò dúró. Àìdọ́gba yìí ni gbogbo òwò náà. Ẹni tó bá kọ òfò kéékèèké ń sọ pé òun mọ èyí tó máa lọ jìnnà kó tó lọ, bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí iye bá kọjá ìlà, gbogbo wọn jọ ara wọn.

Nígbà tó jẹ́ pé òwò mẹ́tàlá nínú ogún ló ń já sí òfò, òfò á máa tẹ̀lé ara wọn. Nínú òwò ọgọ́rùn-ún, òfò mẹ́jọ léraléra kì í ṣe ohun tó yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu; bí ìṣirò ṣe rí nìyẹn láìsí pé nǹkan kan bàjẹ́. Ìdí tí mo fi yan ìdajì òṣùwọ̀n àwọn Ìjàpá nìyẹn. Ẹni tó bá fi ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún wewu lẹ́ẹ̀kan, òfò mẹ́jọ léraléra á gba nǹkan bíi ìdá mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú owó rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìdá kan wewu, kò ní pé mẹ́jọ. Ẹni kejì ṣì lè sùn, ó sì lè gba òwò kẹsàn-án, èyí tó lè jẹ́ kókó.

Ìṣirò yìí ní ibi tí kì í ti í gbani. Ibi àbáyọ wúlò nígbà tí ọjà bá gba ibẹ̀ kọjá. Bí ọjà bá fò ó lóru, oníṣòwò á jáde ní ibi tí ọjà bá ṣí sí. Ní oṣù Kẹwàá 1987, lọ́jọ́ kejì tí ọjà ìpín Amẹ́ríkà wó lulẹ̀, àwọn àdéhùn orí èlé owó ṣí jìnnà réré sí ibi tí wọ́n parí sí. Ní 1988, Dennis ti àwọn àpò owó ará ìlú tó ń bójú tó pa, lẹ́yìn tí nǹkan bíi ìdajì owó inú wọn ti lọ. Ewu mìíràn tó fara jọ ọ́ ni pé ọjà púpọ̀ lè máa rìn pọ̀. Ẹni tó ra wúrà, fàdákà àti bàbà lè rò pé òun ṣe òwò mẹ́ta, kó sì jẹ́ pé ẹyọ kan ńlá ni. Àwọn Ìjàpá fi òté lé e: ẹyọ mẹ́rin nínú ọjà kan, mẹ́fà nínú àwọn tó jọra gan-an, méjìlá péré ní ìhà kan ṣoṣo.

Ìṣirò náà tún lè sọ pé rárá. Lẹ́yìn tí obìnrin wa jáde ní 9,000, ó ní 623,800. Ká ní N ti di 500. Ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún owó rẹ̀ jẹ́ 3,119. N kan lórí àdéhùn kan jẹ́ 5,000. Kò tó àdéhùn kan. Ìlà lè já lókè tàbí nísàlẹ̀, kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án, bó ti wù kí ìròyìn kókó gbóná tó.

Èyí gan-an ló kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi fóònù ṣe é nílé wa. Ká ní N ti yúrò sí dọ́là jẹ́ pípù 70, tí ìwọ̀n tó kéré jù tí fóònù gbà láyè, 0.01, sì ń gba sẹ́ǹtì mẹ́wàá lórí pípù kan. N kan jẹ́ dọ́là 7. Kí dọ́là 7 tó lè jẹ́ ìdajì nínú ọgọ́rùn-ún, ènìyàn gbọ́dọ̀ ní 1,400. Ẹni tó ní 500 tó sì ra ìwọ̀n kékeré yẹn, ibi àbáyọ N méjì á gba dọ́là 14, ìdá méjì àti díẹ̀ tó súnmọ́ mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ó bá ń wewu bẹ́ẹ̀ nígbà kọ̀ọ̀kan, òfò mẹ́jọ léraléra tí a ti sọ pé yóò dé lọ́jọ́ kan á gbé ohun tó ju ìdá ogún lọ, ó sì máa nílò èrè tó ju ìdá márùn-ún-dín-lọ́gbọ̀n (25) nínú ọgọ́rùn-ún lọ kó tó padà sí ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá ṣe ìṣirò yìí kó tó fi owó sílẹ̀ lè yàn láti dúró di ìgbà tó bá ní 1,400. Ẹni tí kò ṣe é á rò pé ìlà Donchian ló tàn òun jẹ, á sì lọ wá ẹni tó ń ṣèlérí òwò àìlófò, èyí tí a sábà fi ń mọ̀ ọ́n ni pé kò ní ibi àbáyọ rárá: ó ń jàre lójoojúmọ́ títí di ọjọ́ tí òfò kan á fi kó gbogbo rẹ̀ lọ.